Nígbà Tí Tíropónìnì Bá Gòkè

Bí ẹnì kan bá dé ẹ̀ka pàjáwìrì tó ní àyà ń dun òun, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí láàbù. Bí èsì bá dé, ìlà kan máa ń wà nínú rẹ̀ tó lè rí báyìí:

```
hs-cTnT    46 ng/L    H    (0-14)
```

Orúkọ àyẹ̀wò ló ṣáájú, iye tí wọ́n rí ló tẹ̀ lé e, lẹ́tà H sì ń sọ pé iye náà ti kọjá ààlà tó wà nínú àkámọ́. Tíropónìnì ni wọ́n wọ̀n yìí. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ orúkọ náà rí, ìbéèrè tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ṣé ìkọlù ọkàn ni?

Iye yẹn nìkan kò lè dáhùn. Ohun tó ń sọ ni pé iṣan ọkàn ti farapa, ìyẹn ẹran líle tó ń fún pọ̀ tó sì ń tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Kò sọ ohun tó pa á lára. Ìkọlù ọkàn, tí í ṣe pé òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ dí lójijì, ni a kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá nínú àwọn ohun tó lè fà á. Àmọ́ àwọn mìíràn pọ̀, ìtọ́jú wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ìtọ́jú tó gba ẹnì kan là lè pa ẹlòmíràn lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká fara balẹ̀ wo bí tíropónìnì ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀, àti bí àwọn dókítà ṣe ń mọ ohun tó tì í jáde.

Ibi tó ń gbé

Nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn kọ̀ọ̀kan, àwọn okùn tín-tìn-tín wà lóríṣi méjì, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí ọkàn bá fẹ́ lù, okùn tó nípọn á gbá tẹ́ẹ́rẹ́ mú, á fà á mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kúrú. Bí ọ̀kẹ́ àìmọye sẹ́ẹ̀lì bá kúrú lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn fún pọ̀ nìyẹn. Bí ó bá sì tó àsìkò ìsinmi, okùn tó nípọn gbọ́dọ̀ tú ọwọ́ rẹ̀, kí ọkàn lè ṣí kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn wọlé. Ìgbà tó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000, ni èyí ń ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ kan.

Ẹni tó ń pàṣẹ mímú àti títú yìí ni tíropónìnì. Purotéènì mẹ́ta ló para pọ̀ di i, wọ́n sì so mọ́ ara okùn tẹ́ẹ́rẹ́ jálẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní T ló so gbogbo rẹ̀ mọ́ okùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní I ló ń dí okùn tó nípọn lọ́wọ́ kó má baà gbá a mú láìtásìkò. Èyí tí wọ́n ń pè ní C ló ń gba káṣíọ̀mù. Ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá fẹ́ lù, káṣíọ̀mù á tú jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, á lé mọ́ C, C á ti I sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn á sì gbá okùn mú. Setsuro Ebashi, onímọ̀ ará Japan, ló ṣàwárí purotéènì yìí láàárín ọdún 1960 sí 1966, nígbà tó ń wá bí káṣíọ̀mù ṣe ń mú kí iṣan fún pọ̀. 

Iṣan apá àti ti ẹsẹ̀ náà ní tíropónìnì. Àmọ́ T àti I tó wà nínú ọkàn yàtọ̀ sí ti apá àti ẹsẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì tó ohun tí àyẹ̀wò lè fi dá wọn mọ̀. C kò yàtọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fi C ṣe àyẹ̀wò ọkàn. Hugo Katus àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Heidelberg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló gbé àyẹ̀wò tíropónìnì T jáde lọ́dún 1989.

Ká tó ní àyẹ̀wò yìí, purotéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní sí-kéè ni wọ́n máa ń wọ̀n. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé iṣan tó bá ti farapa níbikíbi ló ń tú u sílẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gba abẹ́rẹ́ sí ìdí lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn kí wọ́n tó ronú ọsibítù, sí-kéè lè gòkè nítorí abẹ́rẹ́ yẹn nìkan. Tíropónìnì ọkàn kì í ka abẹ́rẹ́ ìdí sí. Ohun tó jẹ́ kó borí sí-kéè nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà ìkọlù ọkàn

Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn wà lórí ọkàn fúnra rẹ̀, wọn kò sì fẹ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni ọ̀rá ti máa ń dì mọ́ ara ògiri wọn, pàápàá lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, tàbí tó ń fa sìgá. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún láìdààmú ẹni náà. Lọ́jọ́ kan, ojú ibi tó dì náà á ya. Ara á rò pé ọgbẹ́ lásán ni, á mú ẹ̀jẹ̀ dì sójú rẹ̀ láti fi dí i. Ẹ̀jẹ̀ tó dì náà á wá dí ọ̀nà.

Iṣan tó wà níwájú ibi tó dí yìí kò ní rí ọ́síjìn gbà mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kò ní lè fún pọ̀ mọ́. Bí ọ̀nà bá dí pátá fún bí 20 ìṣẹ́jú, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, láti inú lọ́hùn-ún bọ̀ síta, ibi tó ń kú náà á sì máa fẹ̀ fún wákàtí mélòó kan bí ọ̀nà kò bá ṣí. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì tó ń kú máa ń ya, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń ṣàn bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà tí tíropónìnì ń gbà jáde ní ìpele méjì. Díẹ̀ nínú rẹ̀, tí kò tó ìdá mẹ́wàá, kò so mọ́ okùn kankan. Inú omi sẹ́ẹ̀lì ló wà. Ìyókù so mọ́ okùn dáadáa. Bí ilé bá wó, ẹrù tó wà nílẹ̀ yàrá la kọ́kọ́ máa ń kó jáde. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi mọ ọ́n ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó kúrò nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tíropónìnì tí kò so mọ́ nǹkan ṣe ń yára jáde, àyẹ̀wò tuntun sì lè rí i láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta tí ìrora bẹ̀rẹ̀. Èyí tó so mọ́ okùn á máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí òkú sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹrà. Iye náà á ga jù láàárín bí wákàtí 12 sí 24, kò sì ní padà sí ìsàlẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì.

Èyí ló fà á tí èsì kan ṣoṣo fi lè tan ni jẹ. Bí wọ́n bá tètè fa ẹ̀jẹ̀ jù, iye náà lè má tíì gòkè. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ó lè wà lókè láìmì, bí ẹni pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Awakọ̀ kan láago mẹ́fà àbọ̀

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe máa ń rí. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ lò, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 54, jí láago márùn-ún ìdájí, ó ń múra láti lọ sí gáréèjì. Nǹkan wúwo lé e láyà, òógùn bò ó, ọwọ́ òsì sì ń ro ó. Ó ti ní ọgbẹ́ inú rí, nítorí náà ó mu oògùn ọgbẹ́ inú, ó jókòó. Nígbà tí kò lọ, ìyàwó rẹ̀ gbé e dé ọsibítù láago mẹ́fà àbọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti so wáyà í-sí-jí mọ́ ọn láyà láti wo bí iná ọkàn ṣe ń tàn. Ohun tó wà lórí bébà í-sí-jí kò burú, kò sì dára tó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí. Ká ní í-sí-jí fi hàn kedere pé òpó ńlá kan ti dí pátá ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró de tíropónìnì. Ṣe ni wọ́n á sáré wá bí ọ̀nà náà ṣe máa ṣí, nítorí gbogbo ìṣẹ́jú tó ń kọjá ni iṣan ń kú. Àwọn tí í-sí-jí kò bá sọ̀rọ̀ wọn tán ni tíropónìnì wúlò fún jù lọ.

Èsì àkọ́kọ́ awakọ̀ wa jáde: 11. Ààlà fún àyẹ̀wò yìí jẹ́ 14, ìyẹn nánógíráàmù 14 nínú lítà kan. Nánógíráàmù kan kò ju ìdá kan nínú ìdá bílíọ̀nù gíráàmù kan lọ, ẹ sì lè rí bí ohun tí a ń wá ṣe kéré tó. Iye rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ààlà, kò sí lẹ́tà H níwájú rẹ̀. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Wákàtí kan àbọ̀ péré ni ìrora náà tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá wo 11 yìí, tó rántí ọgbẹ́ inú, tó ní kó máa lọ sílé, lè rán an lọ kú.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ó ti di 19. Kì í ṣe pé 19 ga. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń rìn kiri pẹ̀lú 19. Ohun tó ba dókítà lẹ́rù ni pé ó fi 8 gòkè láàárín wákàtí kan. Nínú ìlànà tí àwọn onímọ̀ ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù ń tẹ̀ lé fún àyẹ̀wò yìí, bí iye bá yí padà tó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan, ọ̀rọ̀ ìkọlù ọkàn di ohun tí a gbọ́dọ̀ fọwọ́ pàtàkì mú. Bí iye àkọ́kọ́ bá ti tó 52 láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ìdàkejì, bí èsì àkọ́kọ́ bá kéré sí 5, tí ìrora sì ti lé ní wákàtí mẹ́ta, ó ṣeé ṣe láti fi ọkàn ẹni náà balẹ̀ láìtún fa ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó wà láàárín ni wọ́n máa ń dá dúró fún èsì kẹta.

Láago mẹ́sàn-án àbọ̀, iye awakọ̀ ti di 64. Nígbà tó fi máa di ìdájí ọjọ́ kejì, ó ti di 1,280. Wọ́n ti fún un ní ásípírìn kó rún, wọ́n fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n bá nínú òpó kan, ó ku tíntín kó dí pátá. Lọ́jọ́ kẹrin, tí ara rẹ̀ ti ń yá, iye náà ṣì wà ní 410, ó ń bọ̀ nílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bí ó ṣe gòkè tó sì tún sọ̀ kalẹ̀ yìí wà nínú ìtumọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ọkàn lágbàáyé fẹnu kò sí lọ́dún 2018. Wọ́n ní kí iye tó lè jẹ́ ìkọlù ọkàn, ó gbọ́dọ̀ yí padà, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan, àmì mìíràn sì gbọ́dọ̀ wà pé iṣan ọkàn kò rí ọ́síjìn: irú ìrora tó mú awakọ̀ wa, ìyípadà nínú í-sí-jí, tàbí àwòrán tó fi hàn pé apá kan ọkàn kò mì mọ́. Tíropónìnì nìkan kò tó.

Màmá tí iye tirẹ̀ kò mì

Ọjọ́ kan náà, wọ́n gbé màmá kan wọlé, ẹni ọdún 67. Èémí ló ń dà wọ́n láàmú láti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n sì ní àyà ń fún àwọn díẹ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn kì í sì í sábà pé lọ́wọ́ wọn. Kíndìnrín wọn ti ń rẹ̀. Èsì tíropónìnì wọn ni èyí tí mo kọ sókè: 46.

Ẹ wò ó báyìí: iye màmá ju ti awakọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí àwọn méjèèjì dé. Ẹni tó bá ń wo èsì àkọ́kọ́ nìkan, màmá ni yóò gbé sáré lọ, yóò sì fi awakọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ èsì kejì màmá jẹ́ 47, ẹ̀kẹta 45. Kò gòkè, kò sọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn kò ju ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè fà lọ.

Kí ló dé tí tíropónìnì wọn fi wà lókè? Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí ọkàn wọn máa ti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣan tó ń ṣe iṣẹ́ líle máa ń nípọn, ti ọkàn náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń bọ́ ọ kò pọ̀ sí i tó bó ṣe nípọn. Apá inú lọ́hùn-ún, tó jìnnà jù sí orísun ẹ̀jẹ̀, ń gbé pẹ̀lú ebi ọ́síjìn lójoojúmọ́, sẹ́ẹ̀lì sì ń kú níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkàn tó bá ti wú tí kò lè tú ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́ tún ń fi ìnira kún un. Kíndìnrín náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: bó bá ti ń rẹ̀, kì í lè palẹ̀ tíropónìnì mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, kò tọ̀nà kí ẹnikẹ́ni sọ pé «kíndìnrín lásán ni» kó sì pa èsì náà tì. Ọkàn ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń rẹ̀ sábà máa ń farapa ní tòótọ́.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣáájú nínú ohun tó ń sọ ọkàn di èyí tí kò lè tú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Nítorí náà irú màmá yìí kì í ṣe àlejò ní àwọn ọsibítù wa. Ká ní wọ́n ṣe ìtọ́jú ìkọlù ọkàn fún wọn ni, wọ́n á gba oríṣi oògùn méjì tàbí mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò sì ní lè tètè lé àwọn kan nínú wọn jáde. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ. Ohun tí ara wọn ń fẹ́ ni oògùn tó ń lé omi jáde, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó péye, àti àwòrán ọkàn láti mọ ibi tó bàjẹ́ dé.

Màmá náà lè ní ìkọlù ọkàn lọ́jọ́ mìíràn o. Bí èsì wọn bá ti wà lókè tẹ́lẹ̀, ohun tí dókítà máa wá ni bóyá ó fi ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún yí padà láàárín wákàtí díẹ̀. Láti 46 lọ sí 49 kò tó nǹkan. Láti 46 lọ sí 75, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Nígbà tí ọ̀nà kò dí, tí oúnjẹ kò sì dé

Ẹlòmíràn wà tí iye rẹ̀ máa gòkè tó sì máa sọ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti awakọ̀, síbẹ̀ tí òpó ọkàn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ ronú nípa obìnrin ẹni ogójì ọdún kan tí ìju ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya á lọ́pọ̀ nígbà nǹkan oṣù. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti oṣù mẹ́ta. Ó gun àtẹ̀gùn dé ilé àkọ́kọ́, àyà fún un mọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Tíropónìnì rẹ̀ lọ láti 22 sí 60. Nígbà tí wọ́n wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní pí-sí-fíì, 13 ni wọ́n bá, nígbà tó yẹ kó lé ní 36.

Ẹ̀jẹ̀ ń dé ọkàn rẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn tó ni. Ọkàn sì ń sáré láti fi iyára dí àìtó yẹn, tó túmọ̀ sí pé ó nílò ọ́síjìn sí i ní àsìkò tí kò rí i. Àwọn onímọ̀ ka èyí mọ́ ìkọlù ọkàn, ṣùgbọ́n wọ́n yà á sọ́tọ̀ sí oríṣi kejì. Ti awakọ̀ ni oríṣi kìíní. Ohun tó máa wo obìnrin yìí sàn ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kí wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí ìju. Bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nítorí pé ó rí tíropónìnì tó gòkè, ṣe ló ṣí ẹnu ọgbẹ́ sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ibi tí mo rò pé ó hàn ju èyí lọ pé iye kan náà lè béèrè fún ìtọ́jú méjì tó ta ko ara wọn.

Ọkàn tó ń sáré jù fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tó fò sókè lójijì, tàbí ìfúnpá tó wálẹ̀ jù nítorí pé kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè fa irú èyí náà.

Ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tàbí ìyá ọmọ tuntun lè ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú òpó ẹsẹ̀. Bí ó bá já, ọkàn á tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á sì há síbẹ̀. Apá ọ̀tún ọkàn, tí kò mọ̀ ju iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, á wá máa ti ẹ̀jẹ̀ lu ibi tó dí. Á fẹ̀, á rẹ̀, tíropónìnì á sì jáde lára rẹ̀. Àyà á dun ẹni náà, èémí á sì já a. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, bí ọ́síjìn ara bá wálẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró dún mímọ́ létí dókítà, ó yẹ kó ronú sí ibẹ̀. Níbí, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkàn kọ́ ni wọ́n á lọ fi wáyà ṣí.

Fáírọ́ọ̀sì lè mú kí iṣan ọkàn wú. Ọ̀dọ́ ló sábà máa ń mú, ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ibà tàbí ọ̀fìnkìn, iye rẹ̀ sì lè ga ju ti ọ̀pọ̀ ìkọlù ọkàn lọ. Ìbànújẹ́ ńlá pàápàá lè ṣe é. Àwọn dókítà ará Japan ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní takotṣúbò: obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù gbọ́ ìròyìn ikú, àyà dùn ún, í-sí-jí yí padà, tíropónìnì gòkè, àmọ́ nígbà tí wọ́n wo òpó ọkàn, kò sí èyí tó dí. Ìsàlẹ̀ ọkàn ló ti dẹ̀, tó sì wú. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Rọpárọsẹ̀, àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan, àti kí nǹkan gbá ni láyà nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àní, lára ọ̀pọ̀ ẹni tó sáré máráthọ́ọ̀nù, iye náà máa ń kọjá ààlà lẹ́yìn eré, tó sì máa wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

Nígbà tí láàbù fúnra rẹ̀ bá ṣì wá lọ́nà

Àyẹ̀wò tíropónìnì kì í rí tíropónìnì ní tààràtà. Ó ń lo àwọn purotéènì tí wọ́n ṣe ní láàbù, tí wọ́n ń lé mọ́ tíropónìnì lápá méjì, tí ẹ̀rọ á sì ka àmì wọn. Àwọn ẹlòmíràn ní nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń so àwọn purotéènì yẹn pọ̀ láìsí tíropónìnì láàárín wọn. Èsì wọn á ga, ọkàn wọn á sì dá ṣáká. Ohun tó máa ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé iye náà kì í mì fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù, kò sì bá ohunkóhun mu nínú í-sí-jí àti àwòrán ọkàn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn tún un wọ̀n, iye náà á lọ bí ẹni pé kò wà rí. Àwọn tó ní àrùn iṣan ara náà lè ní T tó ga tí I wọn sì wà nísàlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò àyẹ̀wò méjèèjì.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni èyí tó ń mú kí èsì wálẹ̀. Fítámìnì kan tí wọ́n ń pè ní báyótíìnì wà nínú oògùn irun àti èékánná tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò, nígbà mìíràn ní ìwọ̀n tó pọ̀ gan-an. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo báyótíìnì nínú àyẹ̀wò wọn, èyí tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sì lè bá wọn dù ú, kí tíropónìnì lè dà bí ẹni pé kò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2017, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì sọ pé ẹnì kan ti kú lẹ́yìn irú èsì bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ti tún ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò wọn ṣe láti ìgbà náà, àmọ́ ó ṣì yẹ kí ẹni tó bá ń lo oògùn náà dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rò ó sí oògùn ẹwà lásán.

Ọ̀rọ̀ iye náà tún ní ọ̀fìn tirẹ̀. Láàbù kan lè kọ 0.04 ng/mL, òmíràn 40 ng/L. Ohun kan náà ni. Ààlà T jẹ́ 14, ààlà I sì yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Nínú ọ̀kan tó gbajúmọ̀, ó jẹ́ 16 fún obìnrin àti 34 fún ọkùnrin, nítorí pé ọkàn obìnrin sábà máa ń kéré. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ní láàbù kan ládùúgbò, tí wọ́n sì fa èkejì ní ọsibítù ńlá lórí ẹ̀rọ mìíràn, a kò lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì láti mọ̀ bóyá ó gòkè. Àwọn láàbù kéékèèké tún ń lo ohun àyẹ̀wò pélébé tó ń fi ìlà sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí iye tó kéré. Ká ní wọ́n lò ó fún awakọ̀ wa láago mẹ́fà àbọ̀, àní láago mẹ́sàn-án àbọ̀ pàápàá, ó ṣeé ṣe kó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nítorí náà, ẹni tí iye rẹ̀ máa ń wà lókè nígbà gbogbo, bíi màmá, kó tọ́jú bébà èsì rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, orúkọ àyẹ̀wò, T tàbí I, àti láàbù tó ṣe é. Lọ́jọ́ tí àyà bá tún fún un, dókítà tó gbà á kò ní bẹ̀rẹ̀ láti inú òkùnkùn: yóò ti ní iye kan tó lè fi wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, yóò sì lè mọ̀ láti èsì àkọ́kọ́ bóyá nǹkan tuntun ti ṣẹlẹ̀.